Alẹ́ẹ̀tì wọlé, owó ò wọlé

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Sátidé, 15 oṣù Kẹta 2025, ọkùnrin kan ra léèsì àti àǹkárá lọ́wọ́ mi, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 87,500 náírà. Ó fi risíìtì hàn mí lórí fóònù ẹ̀, ó tún fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù tèmi náà, orúkọ báńkì mi ló wà lórí ẹ̀. Mo di ọjà fún un. Nígbà tó dalẹ́ tí mo fẹ́ sanwó fún ẹni tó ń kó ọjà fún mi, mi ò rí owó yẹn. Báńkì ní kò sí nǹkan tí àwọn lè ṣe. Báwo ni alẹ́ẹ̀tì ṣe máa wọlé tí owó ò ní wọlé? Kí ni ojú mi ò rí? Mo ti fi àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí yín.*

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Mo jókòó ti àwòrán méjèèjì yẹn dáadáa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tún gbé ìpè mi lánàá, torí ohun tẹ́ ẹ sọ lórí fóònù ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi.

Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní báńkì, níbi tí wọ́n ti ń wá owó tí ẹnì kan ní òun ti fi ránṣẹ́ tí ẹnì kejì ní òun ò rí. Ohun tí iṣẹ́ yẹn kọ́ mi ni pé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó àti alẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹnì kan bá fi owó ránṣẹ́ láti báńkì tiẹ̀ sí báńkì tiyín, owó náà á gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá. Ilé-iṣẹ́ yìí ló so gbogbo báńkì Nàìjíríà pọ̀, ọ̀nà wọn tó ń gbé owó lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NIP, sì ti wà láti 2011. Báńkì yín á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NIBSS, á kọ owó náà sínú ìwé yín. Lẹ́yìn tó bá ti kọ ọ́ tán ni kọ̀ǹpútà báńkì á wá ní kí ilé-iṣẹ́ fóònù bá òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín pé owó ti wọlé. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn là ń pè ní alẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà owó ní ẹ̀ṣọ́. Ẹnikẹ́ni ò lè dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yín kó kọ nǹkan sínú ìwé báńkì yín láti orí fóònù ẹ̀. Ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́ ò ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ní nọ́ńbà fóònù yín tó sì ní owó ìpè ló lè fi ohun tó bá wù ú ránṣẹ́ sí yín, ì báà jẹ́ "ẹ kú ọjọ́ ìbí", ì báà jẹ́ "87,500 náírà ti wọlé". Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe nìyẹn. Kò sówó tó fi ránṣẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ló fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo alẹ́ẹ̀tì náà. Bó ṣe rí lójú fóònù yín rèé, èmi ni mo fi X bo nọ́ńbà àkáǹtì yín:

```
Credit Alert
Acct: 01XXXXXXXX
Amt: NGN87,500.00 CR
Desc: TRF FOR CLOTH
Date: 15/03/2025 16:38
Avail Bal: NGN342,500.00
```

Ẹ fi sọ́kàn pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú alẹ́ẹ̀tì mọ àwọn nǹkan kan, kò sì mọ àwọn kan. Ó mọ nọ́ńbà àkáǹtì yín àti orúkọ yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún un kó lè sanwó. Ó mọ iye ọjà. Ó mọ aago. Ohun tí kò mọ̀ ni iye tó wà nínú àkáǹtì yín kó tó dé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìlà tó kẹ́yìn, ti `Avail Bal`, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lánàá, ẹ sọ fún mi pé 31,260 náírà ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì sanwó síbẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dé. Ká ní òótọ́ ni, 31,260 àti 87,500 yẹ kó di 118,760. Alẹ́ẹ̀tì yìí ní 342,500. Níbo ni ìyókù ti wá? Ọkùnrin náà kàn méfò ni. Ó ro pé oníṣòwò léèsì á ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250 nílẹ̀, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn mìíràn tí wọn ò kọ ìlà yẹn rárá, wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ pin síbi `Date`. Àwọn yẹn gbọ́n díẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ní fura sí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Nǹkan kejì ni nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹ ṣí alẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tó wá láti báńkì yín, ẹ fi wéra. Nínú àwọn tẹ́ ẹ fi hàn mí, báńkì yín máa ń fi ìràwọ̀ bo nọ́ńbà náà, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan ló máa ń fi sílẹ̀. Ti ọkùnrin yìí kọ gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síta, torí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ fún un, kò sì mọ bí báńkì yín ṣe ń bò ó. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kọ tiẹ̀ o, nítorí náà ẹ má fi alẹ́ẹ̀tì yín wé ti aládùúgbò. Alẹ́ẹ̀tì báńkì tiyín ti oṣù tó kọjá ni kẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ wá bi mí pé orúkọ báńkì ló wà lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè àwòrán yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, àmì fóònù kékeré kan wà níbẹ̀, èyí tí èèyàn máa ń tẹ̀ bó bá fẹ́ pe ẹni tó kọ̀wé sí i. Báńkì tòótọ́ kì í ní àmì yẹn, torí orúkọ lásán ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, kò sí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn ẹ̀ tí èèyàn lè pè tàbí kó dá lóhùn. Ẹ tún wo òkè alẹ́ẹ̀tì náà, òfìfo ni. Kò sí alẹ́ẹ̀tì àná, kò sí ti ìjẹta, kò sí ìkìlọ̀ báńkì, kò sí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tó máa ń sú wa. Ó dà bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni báńkì yín kọ́kọ́ mọ̀ yín.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn tí mo bi yín bóyá ọkùnrin náà fọwọ́ kan fóònù yín. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ó gbà á kó lè tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa pè é bí léèsì tuntun bá dé. Ibẹ̀ ló ti rí yín mú. Nọ́ńbà ẹ̀ ló tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tó fi pa á mọ́ ni orúkọ báńkì yín. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ohunkóhun tó bá ti síìmù ẹ̀ wá, orúkọ báńkì ni fóònù yín á máa fi pè é. Kò ní nǹkan kan tó ń jẹ́ ọgbọ́n kọ̀ǹpútà nínú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é.

Ọ̀nà mìíràn wà tó le ju èyí lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn ibi kan wà tí èèyàn ti lè ra àtẹ̀jíṣẹ́ lópọ̀, irú èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì àti olóṣèlú máa ń lò, ẹni tó ń ránṣẹ́ sì lè fúnra ẹ̀ tẹ orúkọ tó fẹ́ kó hàn, tí kò bá ti ju lẹ́tà 11 lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń dí orúkọ báńkì mọ́ wọn lọ́wọ́, ni àwọn gbájúẹ̀ bá ń fi òdo rọ́pò lẹ́tà O, tàbí kí wọ́n fi I ńlá rọ́pò l kékeré, tí ojú ò sì ní tètè rí i. Bí èyí tí wọ́n dí bá wá yọ́ kọjá pẹ̀lú orúkọ tó pé pérépéré, inú agbo àwọn alẹ́ẹ̀tì gidi ló máa bọ́ sí lórí fóònù yín, nísàlẹ̀ ti àná gan-an. Fóònù ò mọ̀ ju orúkọ lọ, orúkọ ló fi ń kó wọn jọ. Nírú ìyẹn, kò ní sí àmì ìpè, òkè ẹ̀ ò sì ní ṣófo. Ohun pàtàkì tó máa kù tẹ́ ẹ lè dì mú nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà ni bálánsì tí kò bá ìṣirò mu.

Ó yá, ó ku risíìtì. Àwọn èèyàn máa ń ní kéèyàn wo bí lẹ́tà ṣe tóbi, bóyá àwọ̀ ewé yẹn ṣú jù, bóyá àmì báńkì tẹ̀. Èmi ò gbà á nímọ̀ràn. Lójú iṣẹ́ mi, mo ti rí risíìtì òótọ́ tó rí wúruwùru nítorí fóònù ọlọ́jà ti fọ́, mo sì ti rí ayédèrú tó dán ju ti báńkì lọ. Ẹni tó ń tajà lábẹ́ oòrùn, tí oníbàárà mẹ́ta dúró dè, kò ráyè wo lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú èyí tó fi ránṣẹ́ sí yín tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Session ID` sí. Gbogbo owó tó bá gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá láti báńkì kan sí òmíràn ló máa ń ní nọ́ńbà yìí, 30 ni gígùn ẹ̀, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni àmì báńkì tí owó ti ń bọ̀. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti aago: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, méjì méjì. Méjìlá tó kù jẹ́ nọ́ńbà tí kò ní jọ ti ẹlòmíràn. Èyí tó wà lórí risíìtì yín rèé:

```
000013241102091427000538216740
```

Ẹ bá mi gé e. `000013`, àmì GTBank nìyẹn. Risíìtì tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́, orúkọ OPay ló wà lókè ẹ̀, bẹ́ẹ̀ `100004` ni àmì OPay. Ẹ tún gé èyí tó tẹ̀ lé e: `241102091427`. Ọdún 2024, oṣù 11, ọjọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 14 àárọ̀. Ọjà yín ńkọ́? Oṣù Kẹta 2025, ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ ti kọjá. Risíìtì òótọ́ kan tó ti pẹ́ ló rí níbì kan, ó yọ nọ́ńbà ẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán tuntun. Kò mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ń sọ̀rọ̀.

Mo fi èyí hàn yín nítorí ó máa wúlò fún yín níwájú ọlọ́pàá. Kò yẹ kẹ́ ẹ máa fi ṣe ìdánwò lójú ọjà o. Bí `Session ID` bá takò risíìtì, irọ́ ni risíìtì náà. Bó bá bá a mu, ìyẹn ò sọ ọ́ di òótọ́, torí ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, bí mo ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ yìí, lè fọwọ́ ara ẹ̀ tò ó. Bákan náà, bí ẹ̀yin àti oníbàárà bá jọ ń lo báńkì kan náà, owó náà ò ní gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá, ó sì lè má ní irú nọ́ńbà yìí rárá.

Ẹ ò sọ bóyá ọkùnrin náà fi owó yẹn ránṣẹ́ lójú yín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ̀wé sí mi ló ń sọ pé "ojú mi ló ṣe é". Ẹ jọ̀wọ́, ìyẹn náà ò jámọ́ nǹkan. Áàpù ayédèrú wà, tí wọ́n ṣe bíi ti báńkì gẹ́lẹ́. Oníbàárà á ṣí i níwájú yín, á tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín, á tẹ nọ́ńbà àṣírí, nǹkan á yí bírí bírí fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó di `Successful`, pẹ̀lú àmì àwọ̀ ewé. Kò sí báńkì kankan lẹ́yìn áàpù yẹn. Àwòrán tó ń rìn lásán ni. Àti pé, kódà bó bá jẹ́ áàpù gidi, ọ̀rọ̀ `Successful` tó wà lójú fóònù ẹ̀ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì tiẹ̀ ni. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín.

Nítorí náà, ibì kan ṣoṣo ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò: inú àkáǹtì yín, láti orí fóònù yín, pẹ̀lú ọwọ́ yín. Kí oníbàárà tó sanwó, ẹ wo bálánsì. Kí ó sanwó. Ẹ jáde nínú ojú ìwé yẹn, ẹ padà wọ̀ ọ́ kó lè tún ara ẹ̀ ṣe, ẹ tún bálánsì wò. Bó bá ti fi iye ọjà yín lé sí i, tí orúkọ ẹni náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ owó tó wọlé, ẹ di ọjà. Bí dátà ò bá sí tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège, ẹ lo kóòdù báńkì yín. Ẹni tó ń lo GTBank á tẹ `*737*6*1#`, ti UBA á tẹ `*919*00#`. 6.98 náírà ni wọ́n ń gbà fún un. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní bó bá jẹ́ ogún oníbàárà lójúmọ́ ńkọ́. Ìyẹn á jẹ́ nǹkan bí 140 náírà. Iye tí ọkùnrin yẹn kó lọ lọ́wọ́ yín lè san irú owó yẹn fún ọdún kan ààbọ̀, yóò sì tún ṣẹ́ kù.

Ó máa rọrùn bó bá jẹ́ pé àkáǹtì tẹ́ ẹ fi ń gbowó ọjà ò dà pọ̀ mọ́ tilé. Bí owó ilé ìwé ọmọ, àjọ, àti owó ọjà bá jọ ń wọlé tó ń jáde nínú ẹyọ àkáǹtì kan, ẹ ò ní mọ iye tó wà níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìṣirò tí mo ṣe lókè yẹn ò sì ní ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìtajà tún wà, èyí tó máa ń dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ń ta jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ tó lọ síbi ìnáwó, ọmọ tó fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù gbé jẹnẹrétọ̀ kan fún ẹni tó fi risíìtì hàn án. Nígbà tí ìyá dé, ó fẹ́ lé ọmọ náà lọ. Mo ní, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: fóònù tó ń gba alẹ́ẹ̀tì wà nínú báàgì yín níbi ìnáwó, ọmọ ò ní áàpù, kò mọ nọ́ńbà àṣírí, kí ló yẹ kó wò bí kò ṣe fóònù oníbàárà? Àwọn gbájúẹ̀ mọ èyí. Wọ́n máa ń ṣọ́ ìgbà tí olówó ọjà ò sí nílé. Bẹ́ ẹ bá máa fi ọmọ sílẹ̀, ó dára kẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ POS tó ní nọ́ńbà àkáǹtì tiẹ̀. Bí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀, orí ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ló máa hàn sí, ọmọ á rí i láìwo fóònù ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òfin pé ọmọ gbọ́dọ̀ pè yín, kẹ́ ẹ wò ó níbi tẹ́ ẹ wà kó tó gbé ọjà. Bí ẹ ò bá gbé ìpè, ọjà ò jáde.

Ìṣòro tó kù ni ti olóòótọ́ oníbàárà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ pé owó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ tí kò sì tíì dé. Lóṣù Kejì 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí kò sówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo wa bọ́ sórí tiransifáà lẹ́ẹ̀kan náà, owó ń rá lọ́nà fún wákàtí mẹ́fà, fún ọjọ́ méjì. Àwọn ọlọ́jà fi risíìtì tajà nígbà yẹn torí kò sí ọ̀nà mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ gbájúẹ̀ ti kọ́ṣẹ́. Bí owó bá pẹ́, ẹ má pe ẹni náà ní olè, ẹ má sì di ọjà fún un. Ẹ sọ fún un pé, "Ẹ má bínú, mi ò tíì rí i. Mo ti gbé ọjà yín sọ́tọ̀, bó bá ti wọlé màá pè yín." Olóòótọ́ á bínú, bóyá á tiẹ̀ pariwo, torí owó ẹ̀ ti kúrò nínú àkáǹtì ẹ̀ ná. Ẹ ní kó pe báńkì tiẹ̀, kó fún wọn ní `Session ID` yẹn. Báńkì tó fi ránṣẹ́ lè tọpa ẹ̀, bí kò bá sì dé ọ̀dọ̀ tiyín, wọ́n á dá a padà fún un. Mo ti ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀. Gbájúẹ̀ kì í fẹ́ dúró dé ibẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé mọ́tò ń dúró de òun, pé ọkọ̀ òfuurufú òun máa lọ, pé ṣé ẹ rò pé olè lòun ni. Bó bá tún wá ní òun fi 30,000 lé e láṣìṣe, pé kẹ́ ẹ fún òun ní ṣéńjì lówó, ẹ jẹ́ kó lọ. Àwọn kan ti pàdánù ọjà àti ṣéńjì pọ̀.

Nípa báńkì tó ní kò sí nǹkan tí àwọn lè ṣe, òótọ́ ni wọ́n sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Owó tí kò wọlé rí, kò sí ibi tí wọ́n ti lè gbà á padà. Kò sí àkáǹtì tí wọ́n máa dè. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọ́n lè ṣe: ẹ béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ti ọjọ́ 15 sí 17 oṣù Kẹta, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ìwé yẹn ló máa fi hàn pé 87,500 kankan ò wọlé, á sì dúró ti àtẹ̀jíṣẹ́ àti risíìtì tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́. Ọ̀ràn tó ṣẹ̀ yìí ní orúkọ lábẹ́ òfin, gbígba nǹkan oní-nǹkan pẹ̀lú ìtànjẹ. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 ló kà á léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ló sì fi lélẹ̀ fún un láìsí owó ìtanràn. Ọlọ́pàá lè gbà á, EFCC náà lè gbà á.

Ẹ wá gbọ́ o. Ẹ sọ lórí fóònù pé bẹ́ ẹ bá ń rí alẹ́ẹ̀tì yẹn, inú ń bí yín, ẹ fẹ́ pa á rẹ́ pẹ̀lú orúkọ báńkì tó fi pamọ́ yẹn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ẹ ṣí ibi tí nọ́ńbà àwọn èèyàn wà lórí fóònù yín, ẹ wá orúkọ báńkì yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà kan máa jáde, 11 ni gígùn ẹ̀. Nọ́ńbà ọkùnrin náà nìyẹn. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, síìmù yẹn náà ló sì fi kọ alẹ́ẹ̀tì sí yín. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ló fi forúkọ sílẹ̀, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, ọlọ́pàá máa ń ríbi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá òun kan náà ló fi Wọ́sáàpù ránṣẹ́ sí yín tàbí òmíràn ni. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé, ẹ ya àwòrán wọn, ẹ má pe nọ́ńbà náà, ẹ má sì bú u lórí Wọ́sáàpù. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ dání pẹ̀lú ìwé báńkì yẹn lọ bá ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ajé.